Ìpele Kan, Àlàfo Méjì: Ọ̀nà Mìíràn Láti Máàkì Àròkọ Ọmọdé

Ẹ ṣí ìwé àròkọ ọmọ praimárì kan wò, ẹ ó rí i pé nǹkan mẹ́ta ni bíró pupa sábà máa ń fi síbẹ̀. Ìlà á wà lábẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà ṣì kọ. Nọ́ńbà á wà lókè, bíi 6 nínú 10, tí wọ́n fi òdo yí ká. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kúkúrú kan á wà nísàlẹ̀: "O gbìyànjú," tàbí "Múra sí i." Ọmọ náà á wo nọ́ńbà, á na ọrùn wo ti ẹni tó jókòó tì í, á sì pa ìwé dé. Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Kò kàn sí ohun kan nínú "Múra sí i" tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fọwọ́ rẹ̀ ṣe ni. Kí ni kó múra sí? Ṣé ìtàn náà ni kò yé tíṣà, àbí àkọtọ́ ló bà á jẹ́, àbí ó kúrú jù? Tíṣà mọ ìdáhùn, torí òun ló ka àròkọ náà. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ kò dé inú ìwé ọmọ.

Àwọn olùkọ́ kan ti gbìyànjú láti tún èyí ṣe nípa ṣíṣe tábìlì ńlá kan. Lápá òsì tábìlì náà ni wọ́n á to ohun tí wọ́n ń wò sí: kókó ọ̀rọ̀, ìtò, ìlò èdè, àkọtọ́. Lókè ni wọ́n á to ìpele mẹ́rin sí, láti orí "ó peregedé" títí dé "kò ì tíì tó." Bí ẹ bá ka àpótí tó wà nínú rẹ̀, ó di mẹ́rìndínlógún, ọ̀rọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo wọn. Tíṣà á wá fa òdo yí àpótí tó bá bá iṣẹ́ ọmọ mu.

Mi ò bá tábìlì yẹn jà. Níbi tí àjèjì ti ń máàkì iṣẹ́ àjèjì, ó ní ìdí tó fi wà. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún WAEC láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ìpín 10, 10, 20 àti 10 náà bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀: kókó, ìtò, ìlò èdè, àkọtọ́. Ẹni tó ń máàkì ní Èkó àti ẹni tó ń máàkì ní Àkúrẹ́ ní láti fún irú iṣẹ́ kan náà ní irú máàkì kan náà, kò sì sí èyí tó máa rí ọmọ náà sójú láé. Àmọ́ tíṣà praimárì máa rí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ìbéèrè tirẹ̀ kì í ṣe pé mélòó ni iṣẹ́ yìí tó. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí ni ọmọ yìí máa ṣe sí i báyìí.

Fún ìbéèrè yẹn, tábìlì onípele mẹ́rin ní àbùkù méjì. Èkíní ni pé tíṣà ní láti jókòó sílé, kó máa ro gbogbo ọ̀nà tí àwọn ọmọ lè gbà kùnà àti gbogbo ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tayọ, kí wọ́n tó kọ ohunkóhun. Bí kò bá rí ohun gidi kọ mọ́, "púpọ̀," "díẹ̀" àti "lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan" ló máa fi dí àpótí: "ó lo àpèjúwe púpọ̀," "ó lo àpèjúwe díẹ̀." Èkejì ni pé ọmọdé kì í kà á. Ẹ fún ọmọ Praimárì Karùn-ún ní àpótí mẹ́rìndínlógún, ojú rẹ̀ á lọ tààrà sí ibi tí òdo wà, á ka ìpele rẹ̀, á sì ti parí. Ó tún ti di nọ́ńbà.

Ohun tí àwọn kan wá ṣe ni pé wọ́n pa ìpele mẹ́ta rẹ́ nínú mẹ́rin. Wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀, èyí tó sọ bí iṣẹ́ tó dáa ṣe máa rí, wọ́n gbé e sáàárín ìwé, wọ́n sì fi àlàfo sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ní 2010, Jarene Fluckiger, olùkọ́ àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ lè fi yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Jennifer Gonzalez, tí òun náà ti ṣe tíṣà rí, ló jẹ́ kó tàn dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti 2015. Òṣùwọ̀n onípele kan ni màá máa pè é níhìn-ín. Ó rọrùn débi pé ẹ lè fi rúlà fà á sórí ìwé ní ìṣẹ́jú méjì: ìlà méjì láti òkè délẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà àárín ni ìpele wà. Ọ̀nà òsì, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, wà fún ibi tí iṣẹ́ kò ì tíì dé ìpele. Ọ̀nà ọ̀tún, tí òun náà ṣófo, wà fún ibi tí iṣẹ́ ti kọjá ìpele.

Òfìfo yẹn gan-an ni iṣẹ́ ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ de ọmọ, tíṣà kò lè fa òdo kó máa lọ. Ó ní láti kọ ohun tó rí nínú iṣẹ́ ọmọ yìí, lónìí, tí kò lè bá ti ọmọ mìíràn mu.

Àmọ́ kó tó kan òfìfo, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà àárín, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń ṣìnà. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí tíṣà lọ́kàn ni gbólóhùn bíi "Àròkọ náà dùn ún kà" tàbí "Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó fa ọkàn." Ìwọ̀nyí kò wúlò fọ́mọ. Báwo ni ọmọ ṣe máa mọ̀ bóyá ó ti dùn ún kà? Tíṣà nìkan ló lè dá ìyẹn lẹ́jọ́, a sì ti padà síbi tí ọmọ ti ń dúró kí àgbà sọ fún un bóyá ó dáa. Gbólóhùn àárín gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọ lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kó nàka sí ibi tó wà, kó ní "Òun rèé." Royce Sadler, ọ̀mọ̀wé ará Ọsirélíà, ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1989: kí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè tẹ̀ síwájú, ó ní láti mọ bí iṣẹ́ tó dáa ṣe rí, kó lè fi tirẹ̀ wé e, kó sì mọ ohun tó máa ṣe láti dí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Bí èyí àkọ́kọ́ kò bá sí, méjì tó kù kò lè ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àròkọ oníròyìn ní Praimárì Karùn-ún. Orí ọ̀rọ̀ ni "Ọjọ́ kan tí mi ò lè gbàgbé," tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nílẹ̀ yìí tí kò kọ ọ́ rí. Ìlà mẹ́rin péré ni màá fi sọ́nà àárín. Èkíní: Ìbẹ̀rẹ̀ mi sọ ẹni tó wà níbẹ̀, ibi tí a wà àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Èkejì: Ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ̀ léra, ẹni tó ń kà á kò ní bi mí pé "Báwo lẹ ṣe débẹ̀?" Ẹ̀kẹta: Ó kéré tán, ibi méjì wà tí òǹkàwé ti lè rí nǹkan, tàbí gbọ́ ọ, tàbí gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀kẹrin: Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, ó fi àmì ìdánudúró parí, gbogbo ẹ, ọ àti ṣ sì ní àmì abẹ́ wọn.

Ẹ kíyè sí i pé "mi" ni mo lò. Ọmọ ló ni ìwé náà kó tó di ti tíṣà. Ẹ sì kíyè sí ohun tí mi ò fi síbẹ̀: àmì ohùn. Tó bá jẹ́ pé kíláàsì ṣì ń kọ́ àmì ohùn lọ́wọ́, tí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n, fífi í sínú ìpele àròkọ á mú kí gbogbo ọ̀nà òsì kún fún àmì ohùn, kò sì ní sí àyè fún ìtàn mọ́. Ohun tí a ti kọ́ wọn ni kó wà láàárín. Àwọn tíṣà kan kì í fẹ́ gbọ́ èyí, wọ́n á ní "Ṣé ká wá máa wò ó níran ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa wò ó níran fún àròkọ yìí. Ẹ kọ́ wọn ní àmì ohùn lọ́jọ́bọ̀, kó wọ ọ̀nà àárín ní táàmù tó ń bọ̀.

Ìwé yìí gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Bí kò bá sí owó fọ́tòkọ́pì, kí tíṣà kọ ìlà mẹ́rin náà sójú pátákó, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dà á kọ sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀nà kan tó máa ń yá ni kí gbogbo kíláàsì jọ fi ìlà mẹ́rin náà wo àròkọ kan tí tíṣà fúnra rẹ̀ kọ, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àléébù sínú rẹ̀. Àwọn ọmọ á rí i kíákíá. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọmọdé tó kó bá tíṣà wá àṣìṣe.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ní ọmọ kan kọ èyí. Mo fi àkọtọ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà:

"Ní ọjọ́ Sátidé kan èmi àti màmá àgbà lọ sí ọjà Bódìjà. A ra ata a ra isu a ra eja. A tún ra ose. Lẹ́yìn náà òjò bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà a sá sí abẹ́ páànù ìyá aláta. Òjò ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta lé e lórí, mi ò gbọ́ ohun tí màmá àgbà ń sọ. Lẹ́yìn náà a délé. Inú mi dùn. Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ náà."

Tíṣà tó ní bíró pupa lọ́wọ́ á ti rí "isu," "eja" àti "ose." Á ti rí "lẹ́yìn náà" mẹ́ta. Á ti rí i pé àròkọ kúrú. Bó bá fẹ́ fa ìlà sí gbogbo rẹ̀, kò ní ṣòro. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé kí tíṣà kọ́kọ́ ka àròkọ náà parí láìsí bíró lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó gbé ìwé olọ́nà mẹ́ta náà.

Ìlà èkíní: ẹni ni èmi àti màmá àgbà, ibi ni Bódìjà, ìgbà ni ọjọ́ Sátidé. Ó dé ìpele. Tíṣà á fi àmì ó-tọ̀nà sí àárín, kò ní kọ nǹkan kan. Èyí ṣe pàtàkì fún àsìkò tíṣà: ibi tí iṣẹ́ bá ti dé ìpele gẹ́lẹ́, àmì kan péré ti tó.

Ìlà èkejì: wọ́n wà lábẹ́ páànù, lẹ́sẹ̀ kan náà wọ́n ti wà nílé. Ibí ni ìtàn náà ti já. Tíṣà á kọ sí ọ̀nà òsì pé: "Ẹ wà lábẹ́ páànù, òjò ṣì ń rọ̀, àfi bí mo ṣe rí yín nílé. Báwo lẹ ṣe kúrò níbẹ̀? Fi gbólóhùn mẹ́ta sáàárín." Kò sọ pé "Ìtàn rẹ kò tò." Ó nàka sí ibi tó já, ó béèrè ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́ ìtàn máa béèrè, ó sì sọ bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó. Ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé kó "tún un kọ" á dà á kọ bó ṣe wà, á kàn jẹ́ kó mọ́ tónítóní ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n bá ní kó fi gbólóhùn mẹ́ta sáàárín ìlà méjì mọ ibi tó máa gbé bíró sí.

Ìlà ẹ̀kẹta ló gba làákàyè. Ìpele ní ibi méjì, ẹyọ kan ló sì wà, ìyẹn òjò tó ń lu páànù. Bí a bá tẹ̀ lé òfin, ọ̀nà òsì ló yẹ ká kọ sí: "O ku ẹyọ kan." Ṣùgbọ́n ẹyọ tó wà yẹn kọjá ohun tí a ń retí lọ́dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kò sọ pé òjò pọ̀ gan-an. Ó sọ pé òun kò gbọ́ ohùn ẹni tó dúró ti òun. Ọ̀nà ọ̀tún ni kí tíṣà lọ, kó kọ ọ́ pé: "Mo gbọ́ òjò yìí létí mi. O fi ohun tí o ò gbọ́ sọ bó ṣe pọ̀ tó." Ibi kejì tó ṣẹ́ kù ńkọ́? Kó fi í sílẹ̀ ná. Ó ti ní kí ọmọ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa bí wọ́n ṣe rin òjò délé, ó sì ṣòro kí ọmọ tó kọ ti páànù yẹn kọ ìyẹn kó má rí nǹkan tàbí gbọ́ nǹkan níbẹ̀.

Ní ìlà ẹ̀kẹrin, kò ní fa ìlà sí ọ̀rọ̀ kankan. Á kọ sí ọ̀nà òsì pé: "Ọ̀rọ̀ mẹ́ta gbàgbé àmì abẹ́ wọn lẹ́yìn Bódìjà. Wá wọn rí." Bí tíṣà bá fa ìlà sí wọn, tíṣà ló ṣiṣẹ́. Bó bá sọ iye wọn àti agbègbè tí wọ́n wà, ọmọ ló máa ka gbólóhùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó tán. Ọ̀rọ̀ méjì lósì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, àmì kan láàárín. "Lẹ́yìn náà" mẹ́ta yẹn, kò sọ̀rọ̀ lé e. Ó rí i, ó sì jẹ́ kó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà á dá ìwé padà níbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í ṣe nígbà tí aago ìparí bá ti fẹ́ lù, á sì fún kíláàsì ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti ṣe ohun tó wà ní ọ̀nà òsì nìkan. Bí àkókò yìí kò bá sí, gbogbo ohun tí tíṣà kọ ti di èyí tí ọmọ kà tó sì gbàgbé. Ohun tí ọmọ wa yìí lè kọ sáàárín rèé:

"Ìyá aláta fún wa ní ọ̀rá dúdú kan. Màmá àgbà kò fi bo orí, ata ló fi bò. A kó bàtà lọ́wọ́, a gba inú ẹrọ̀fọ̀ dé ibi tí mọ́tò wà, omi ń kán lára wa sórí ìjókòó, awakọ̀ sì ń wò wá nínú dígí."

Ibi kejì tí a lè rí nǹkan ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. "Lẹ́yìn náà" ẹ̀kẹta náà ti kúrò, torí kò sí iṣẹ́ fún un mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ kí ọ̀nà òsì má ju ohun méjì lọ: àléébù àròkọ ọmọdé máa ń so kọ́ra, bí ẹ bá tú èyí tó tóbi jù, òmíràn á bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ wá ku nọ́ńbà. Òbí á béèrè pé "Mélòó lo gbà nínú mẹ́wàá?" Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń retí máàkì iṣẹ́ kíláàsì tí wọ́n máa fi kún ti ìdánwò. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é kó má sí. Ìgbà tó yẹ kó jáde ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí. Ní 1988, Ruth Butler gbé ìwádìí kan jáde tó ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ísírẹ́lì. Ó fún àwọn kan ní máàkì nìkan, ó fún àwọn kan ní ọ̀rọ̀ àlàyé nìkan lórí iṣẹ́ wọn, ó sì fún àwọn yòókù ní méjèèjì. Àwọn tó gba àlàyé nìkan ló ṣe dáadáa sí i nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, tí iṣẹ́ náà sì ṣì wù wọ́n. Ẹ máa rò pé àwọn tó gba méjèèjì á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rárá o. Bí àwọn tó gba máàkì nìkan ni wọ́n ṣe ṣe. Ó dà bíi pé nígbà tí máàkì ti wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ka àlàyé mọ́. Iṣẹ́ tí Butler fún àwọn ọmọ náà kì í ṣe àròkọ, nítorí náà ẹ má ṣe sọ ọ́ di òfin. Àmọ́ ó bá ohun tí tíṣà kankan ń fojú rí mu: ọmọ tó ti mọ̀ pé 6 ni òun gbà ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Nítorí náà, kí nọ́ńbà wà nínú rẹ́jísítà tíṣà títí ọmọ á fi ṣe àtúnṣe. Lẹ́yìn náà ni kó jáde, kó sì jẹ́ ti àtúnṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń lo ọ̀nà yìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún òbí láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màmá kan á dé ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè pẹ̀lú ìwé tí kò ní máàkì lọ́wọ́.

Ohun kan wà tó máa ń dà bí ẹni pé ó dáa, tó sì ń ba ọ̀nà ọ̀tún jẹ́, ìyẹn ni kí tíṣà máa yin ọmọ dípò iṣẹ́. "O gbọ́n gan-an." "Ọmọ dáadáa ni ọ́." Claudia Mueller àti Carol Dweck ti fi ìwádìí hàn ní 1998, ní Amẹ́ríkà, pé àwọn ọmọ tí wọ́n yìn nítorí ọgbọ́n orí wọn máa ń tètè juwọ́ sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá le, ju àwọn tí wọ́n yìn nítorí akitiyan wọn lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ má wá sọ ọ́ di "O gbìyànjú" ní gbogbo ìwé. Ìyẹn náà kò ní nǹkan nínú. "O fi ohun tí o ò gbọ́ sọ bó ṣe pọ̀ tó" ni ọmọ lè mú lọ sínú àròkọ mìíràn, torí ó sọ ohun tó ṣe fún un.

Báwo ni tíṣà ṣe máa mọ̀ pé òṣùwọ̀n òun ti ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti ń ṣìnà? Kó kó ìwé mẹ́wàá jọ lẹ́yìn tó bá máàkì tán, kó má ka àròkọ, kó máa wo ọ̀nà òsì àti ọ̀tún nìkan. Bí ọ̀nà ọ̀tún gbogbo àwọn ọmọ tí iṣẹ́ ṣòro fún bá ṣófo, tíṣà ti sọ òṣùwọ̀n di ìwé ẹ̀sùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí àròkọ tí kò ní ibì kan tó tayọ, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wà ní ọ̀nà òsì ìwé méje nínú mẹ́wàá, ẹ̀bi kì í ṣe ti ọmọ. Kíláàsì kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn dáadáa. Kó yé kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó gbé e sójú pátákó, kó kọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ọ̀rọ̀ tó wà lósì bá sì jẹ́ irú èyí tó lè bá ìwé ẹnikẹ́ni mu, bíi "fi àpèjúwe kún un," tíṣà kò ka àròkọ mọ́ nìyẹn. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Ó sì máa ń rẹni lóòótọ́. Ọmọ márùnlélógójì nínú kíláàsì kan kì í ṣe ìtàn. Bí tíṣà bá lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́ta ni, ó sì ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ọmọ tirẹ̀ nílé. Èmi kò ní sọ pé kó ṣe gbogbo wọn. Kó pín kíláàsì sí mẹ́ta. Bí gbogbo wọn bá kọ àròkọ lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ̀wé sínú ọ̀nà méjèèjì fún ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí àwọn ọgbọ̀n yòókù fi ìlà àárín yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti rí ẹ̀rí, kí wọ́n sì yan ìlà kan tí wọ́n máa ṣàtúnṣe. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó kan mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn. Ọmọ kan á gba ọ̀rọ̀ gidi lọ́wọ́ tíṣà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní táàmù kan. Ìyẹn sàn ju "O gbìyànjú" mẹ́wàá lọ.

Fún àwọn ọmọ Praimárì Kìíní àti Ìkejì, ìwé olọ́nà mẹ́ta kò wúlò bó ṣe wà, torí ọmọ tí kò tíì lè kàwé dáadáa kò lè ka ọ̀rọ̀ tíṣà. Ìlà méjì ti tó níbẹ̀, kí àwòrán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: ojú fún "Mo sọ ohun tí mo rí," àmì ìdánudúró ńlá kan fún òpin gbólóhùn. Tíṣà á jókòó ti ọmọ fún ìṣẹ́jú kan, á sọ ti ọ̀tún àti ti òsì lẹ́nu, ọmọ á sì ṣàtúnṣe níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, nígbà tí àwọn ọmọ Praimárì Kẹfà bá ń múra fún ìdánwò àṣewọlé, wọ́n máa nílò láti rí tábìlì onímáàkì náà kí wọ́n lè mọ bí àjèjì ṣe máa ka iṣẹ́ wọn. Ìyẹn kò pa òṣùwọ̀n onípele kan rẹ́. Kí wọ́n fi èyí kọ́ iṣẹ́, kí wọ́n fi tọ̀hún dá ara wọn wò.

Ìlà àárín kì í dúró sójú kan pẹ̀lú. Ní kíláàsì tí a ń sọ yìí, tó bá di pé ibi méjì tí òǹkàwé ti lè rí nǹkan tàbí gbọ́ ọ kò jẹ́ wàhálà fún ọ̀pọ̀ ọmọ mọ́, kí tíṣà pa ìlà yẹn rẹ́ nínú ìwé táàmù kejì. Ohun tó lè fi dípò rẹ̀ ni: "Ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú ìtàn mi, mo sì fi àmì àyọlò sí ohun tó sọ." Ọmọ tó kọ ti páànù yẹn á wá ní láti sọ fún wa ohun tí màmá àgbà ń sọ tí òun kò gbọ́.